Ìpín Kejì: Bí Orúkọ Kan Ṣe Dá Iṣẹ́ Omi Ẹ̀rọ Dúró

Iṣẹ́ omi ẹ̀rọ ni, ní ẹ̀yìn ìlú Ògbómọ̀ṣọ́. N kò ní dárúkọ àwọn àdúgbò tí ọ̀rọ̀ kàn, n kò sì ní dárúkọ àjọ tó ń náwó sí i, torí pé ọ̀rọ̀ èdè ni mo fẹ́ sọ, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ènìyàn. Wọ́n fẹ́ gbẹ́ kànga ẹ̀rọ méjì, kí wọ́n gbé táńkì gíga kan ró, kí wọ́n sì fa omi wọ ilé bí 400. Nǹkan bí ọdún méjì ni iṣẹ́ náà yóò gbà. Lóṣooṣù, ẹnjiníà tó ń bójú tó o máa ń kọ ìwé ìfitónilétí sí àwọn ará àdúgbò ní Gẹ̀ẹ́sì, ojú ewé kan tàbí méjì: ibi tí iṣẹ́ dé, iye ilé tó ti san owó, ọjọ́ tí wọn yóò gbẹ́ ojú ọ̀nà. Tiwa ni láti sọ ọ́ di Yorùbá.

Ẹni mẹ́ta ni wá. Èmi ń gbé Ògbómọ̀ṣọ́. Bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Tíṣà, ń gbé lápá Tákìẹ. Àbúrò wa obìnrin kan sì ń ṣe tirẹ̀ láti ìlú Ọ̀yọ́. Ẹni tí àyè bá gbà nínú oṣù ni yóò túmọ̀ ìwé, ẹnì kejì á yẹ̀ ẹ́ wò, ó parí. Lẹ́yìn náà, ìwé á gba ọ̀nà mẹ́ta lọ. A ó tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, Ààfáà á kà á fún àwọn èèyàn lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, wọn á sì kà á ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú. A ó kà á sínú fóònù, ohùn náà á lọ sórí Wọ́sáàpù. Àkópọ̀ rẹ̀ á sì lọ bí àtẹ̀jíṣẹ́ sí fóònù àwọn onílé.

Bí ẹnikẹ́ni bá mú ìwé kan ṣoṣo nínú wọn, kò ní rí àléébù lára rẹ̀. Yorùbá rẹ̀ já gaara. Ọ̀kọ̀ọ̀kan la kúkú ń yẹ̀ wọ́n wò. Kò sí ẹnì kankan nínú wa tó ń to ìwé kẹrin, ìkeje àti ìkẹjọ sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Àwọn tí a ń kọ ọ́ sí ló ń tò ó, nítorí pé owó wọn wà níbẹ̀.

Ọ̀nà méjì ni ẹnjiníà gbà pín iṣẹ́ náà. Ó pín in nípa àkókò sí ohun tó ń pè ní féèsì, mẹ́ta ni wọ́n: kí a kọ́kọ́ gbẹ́ kànga kí a sì gbé táńkì ró, lẹ́yìn náà kí a na páìpù ńlá, lẹ́yìn náà kí a fa omi wọ inú ilé. Ó tún pín in nípa ilẹ̀ sí ohun tó ń pè ní sóònù, mẹ́rin ni ìyẹn. Nínú ìwé kìíní, èmi pe féèsì ní ìpele, mo sì pe sóònù ní ẹkùn. Nígbà tó di ìwé kẹrin, àbúrò wa pe féèsì ní ìpín. Nígbà tó di ìwé keje, Bàbá Tíṣà pe sóònù ní ìpín: «ìpín kejì, láti ẹ̀yìn ọjà dé etí odò».

Kò sí ẹni tó ṣìnà nínú àwọn méjèèjì. Ohun tí a bá pín, ìpín ni, ì báà ṣe àkókò, ì báà ṣe ilẹ̀. Bí wọ́n bá fi ọ̀kọ̀ọ̀kan hàn mí lọ́tọ̀, n ó fọwọ́ sí i. Mo tilẹ̀ fọwọ́ sí èyí tí àbúrò wa ṣe.

Ìwé kẹjọ, èmi ni mo túmọ̀ rẹ̀. Mo ti ń fura nígbà náà pé orúkọ ń yí padà lọ́wọ́ wa, mo sì fẹ́ kí tèmi bá ti àwọn yòókù mu. Mo ṣí ìwé kẹfà, mo rí i pé ìpín ni a ń pe féèsì, mo bá tẹ̀ lé e. N kò rí ìkeje, nítorí pé orí fóònù Bàbá Tíṣà ló ṣì wà, kò tíì wọ àpò ìwé tí àwa mẹ́ta jọ ń lò. Ohun tí mo kọ nìyí: «Ìpín kejì kò ní bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án mọ́ gẹ́gẹ́ bí a ti sọ. A ti sún un di ọdún tí ń bọ̀.»

Nínà páìpù ńlá ni mo ní lọ́kàn, èyí tó kan gbogbo ilé pátá. Ṣùgbọ́n ìwé keje ló kẹ́yìn sétí àwọn èèyàn. Àwọn tó wà láti ẹ̀yìn ọjà dé etí odò gbọ́ pé àwọn nìkan ni wọ́n sún sẹ́yìn. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó tẹ̀ lé e, kò sí ilé kan ṣoṣo lápá ibẹ̀ tó san owó. Àwọn tó ti san tẹ́lẹ̀ ń béèrè owó wọn padà lọ́wọ́ akápò.

Ní ìpàdé àdúgbò tí wọ́n pè lórí ọ̀rọ̀ náà, akápò ń bínú, ẹnjiníà ń ṣàlàyé ní Gẹ̀ẹ́sì, ẹnì kan ń túmọ̀ fún un, ariwo sì ń pọ̀ sí i. Ìyá kan tó ń ta èlùbọ́ ló dìde. Ó mú ọ̀rá kan jáde láti inú àpò rẹ̀, gbogbo ìwé tí a ti kọ láti ìbẹ̀rẹ̀ ló wà nínú rẹ̀, ó ká wọn rógódó, ó fi okùn so wọ́n. Ó tú wọn, ó yọ ìkẹrin, ìkeje àti ìkẹjọ, ó tẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí bẹ́ǹṣì níwájú mi.

«Ẹ̀yin ọmọ mi,» ó ní, «ẹ bá mi kà á. Ìpín kejì tí ẹ ń wí yìí, ṣé àwa ni àbí iṣẹ́ ni?»

Mo kà á. Ó tó ìṣẹ́jú kan kí n tó lè dáhùn. Mo ní, «Màmá, ẹ má bínú. Nínú ìkẹrin, iṣẹ́ ni. Nínú ìkeje, ẹ̀yin ni. Nínú ìkẹjọ, iṣẹ́ ni a ní lọ́kàn.» Ó ní, «Báwo ni ẹni tí kò rí ọkàn yín ṣe fẹ́ mọ̀?»

Ìbéèrè yẹn ni a fi bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe, a sì ṣi ọ̀nà lẹ́ẹ̀kan kí a tó mọ ọ̀nà.

Ohun tí a kọ́kọ́ ṣe ni ohun tí ọ̀pọ̀ olùtúmọ̀ máa ń ṣe. A ya tábìlì sórí kọ̀ǹpútà, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì lápá òsì, ọ̀rọ̀ Yorùbá lápá ọ̀tún. Ọ̀rọ̀ ogójì ni a kó jọ ní ọjọ́ kan. A wá ní kí a fi kọ̀ǹpútà wá inú àwọn ìwé àtijọ́, kí a mọ iye ibi tí a ti lo «ìpín» àti ohun tó dúró fún níbi kọ̀ọ̀kan. Kọ̀ǹpútà ní ibi mẹ́ta péré ni ó wà, inú ìwé keje nìkan. Bẹ́ẹ̀ ojú wa ń wò ó nínú ìkẹrin.

Mo fẹ́ kí ẹni tó bá ń fi Yorùbá ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà fara balẹ̀ síbí yìí, nítorí pé ó máa ń tan ni. Lẹ́tà wa tó lámì lè wọ inú kọ̀ǹpútà ní ọ̀nà tó ju ẹyọ kan lọ, kí ojú má sì rí ìyàtọ̀. «ì» lè jẹ́ àmì kan ṣoṣo, ó sì lè jẹ́ «i» lásán tí àmì ohùn tẹ̀ lé lẹ́yìn. Ti «ọ́» tún le jù bẹ́ẹ̀, nítorí pé kò sí àmì kan ṣoṣo tó dá dúró fún un nínú Yúníkóòdù, ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ lẹ́tà gbogbo èdè. Ẹnì kan á kọ́kọ́ tẹ ọ, á wá fi ohùn sí i. Ẹlòmíràn á tẹ ó, á wá fi àmì sísàlẹ̀. Àwọn kan tilẹ̀ ń lo ìlà kékeré sábẹ́ lẹ́tà dípò àmì kékeré tó rí róbótó, ìyẹn sì jẹ́ àmì mìíràn pátápátá. Fóònù Bàbá Tíṣà ń ṣe é lọ́nà kan, kọ̀ǹpútà àbúrò wa ń ṣe é lọ́nà mìíràn. Ohun tí a fi tún un ṣe kò ju èyí lọ:

```python
import unicodedata

def tun_se(s):
    s = s.replace("\u0329", "\u0323")
    return unicodedata.normalize("NFC", s)
```

Ìlà kìíní inú iṣẹ́ náà sọ ìlà abẹ́ lẹ́tà di àmì róbótó. A ní láti fọwọ́ ara wa ṣe ìyẹn, torí pé NFC, ìyẹn ìlànà Yúníkóòdù tó ń to lẹ́tà àti àmì rẹ̀ sí ọ̀nà kan ṣoṣo, kò ka àwọn àmì méjèèjì sí ọ̀kan náà. Ìlà kejì wá to àwọn tó kù sí ọ̀nà kan. Nígbà tí a ṣe èyí sí gbogbo ìwé, tí a sì ṣe é sí ọ̀rọ̀ tí a ń wá pẹ̀lú, ibi mọ́kànlá ni «ìpín» ti jáde, nínú ìwé kẹrin, ìkarùn-ún, ìkẹfà, ìkeje àti ìkẹjọ. Nígbà yẹn ni a mọ bí omi ṣe pọ̀ tó nínú odò tí a fẹ́ là kọjá.

Ṣùgbọ́n tábìlì náà fúnra rẹ̀ kò dára. Gẹ̀ẹ́sì ni a fi ṣe ìpìlẹ̀ rẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ẹnjiníà kò sì dúró lójú kan. Nínú ìwé kẹfà, ó pe féèsì ní sítéèjì. Ẹni tó bá wá sítéèjì nínú tábìlì wa kò ní rí i, yóò sì ṣẹ̀dá orúkọ tuntun. A kò lè bá ẹnjiníà jà lórí èyí. Ó mọ iṣẹ́ rẹ̀, ó mọ ohun tó ní lọ́kàn, ẹni tí wọ́n sì jọ ń ṣiṣẹ́ mọ̀ ọ́n pẹ̀lú.

A da tábìlì náà nù, a kọ òmíràn. Ohun tí a fi bẹ̀rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí ni ohun tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ gan-an, tí a fi Yorùbá ṣàlàyé ní gbólóhùn kan. Lẹ́yìn náà ni orúkọ tí a yàn fún un, lẹ́yìn náà ni gbogbo ohun tí ẹnjiníà lè pè é, lẹ́yìn náà ni àwọn orúkọ tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò gbọdọ̀ pè é mọ́, ìwé tí òfin náà ti bẹ̀rẹ̀ sì kẹ́yìn. Ti ìpele kà báyìí: àkókò kan nínú iṣẹ́, tó gbọ́dọ̀ parí kí èyí tó tẹ̀ lé e tó bẹ̀rẹ̀, gbogbo àdúgbò ló sì kàn, ẹnjiníà lè pè é ní féèsì tàbí sítéèjì, má pè é ní ìpín, apá tàbí abala, láti ìwé kẹwàá. Apá tó sọ ohun tí a kò gbọdọ̀ pè é ló wúlò jù fún wa. Orúkọ tó tọ́ kì í ṣòro rántí. Èyí tó tọ́ díẹ̀, tó máa ń sáré wá sórí ahọ́n, ni a nílò kí ẹnì kan dá wa dúró níbẹ̀.

Yíyan orúkọ fún sóònù gba ọjọ́ mẹ́ta. Bàbá Tíṣà ní kí a fi ìpín sílẹ̀ fún un, nítorí pé àwọn ará àdúgbò ti gbọ́ ọ, wọ́n sì ti ń pe ara wọn bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ gidi ni. Orúkọ tó dára jù tó bá dé láàárín iṣẹ́ kì í sábà tó orúkọ tí wọ́n ti mọ̀. Ká ní ẹyọ ohun kan ló ń jẹ́ ìpín ni, à bá gbà fún Bàbá. Ṣùgbọ́n ohun méjì ló ti ń jẹ́ ẹ nínú ìwé márùn-ún. Ẹni tó bá tún padà ka ìwé karùn-ún yóò ṣì í lóye, àti ẹni tó bá dé lóṣù tó ń bọ̀. Orúkọ tó ti jẹ́ ti ẹni méjì, a kò lè gbà á lọ́wọ́ ọ̀kan kí a sì retí pé kí gbogbo ènìyàn gbàgbé. A fi í sílẹ̀ pátápátá.

Èmi fẹ́ kí a padà sí ẹkùn. Ó dùn létí, ó sì wà nínú ìwé kìíní. Àbúrò wa ló rán mi létí àtẹ̀jíṣẹ́. Àtẹ̀jíṣẹ́ kan máa ń gba lẹ́tà 160, ṣùgbọ́n bí ẹ, ọ tàbí ṣ kan ṣoṣo bá wọ inú rẹ̀, ó di 70, owó rẹ̀ sì lè di ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta. Nítorí náà, láìsí àmì ni a ń fi wọ́n ránṣẹ́. A kọ «ekun keji» sórí fóònù, a fi han àwọn mẹ́ta tí wọn kò mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ náà. Ọ̀kan kà á ní ẹkún kejì. Ọ̀kan ní eékún ni. Ẹnì kẹta bi wá léèrè pé kí ló ṣẹlẹ̀ tí a fi ń sunkún. A fi «agbegbe» han àwọn kan náà, agbègbè ni wọ́n kà, láìbéèrè ohunkóhun. A fi «ipele» hàn wọ́n, ìpele ni. Bí a ṣe mú agbègbè nìyẹn. Láti ọjọ́ náà, n kì í yan orúkọ fún iṣẹ́ tó máa kọjá lórí fóònù láìjẹ́ pé mo bọ́ àmì ara rẹ̀ kí n wo ohun tó kù.

Nínú ìwé kẹwàá, lórí ojú ewé àkọ́kọ́, kí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, a kọ ọ́ báyìí: «Ohun tí a pè ní ìpín nínú ìwé 4, 5, 6 àti 8 ni a ó máa pè ní ìpele. Ohun tí a pè ní ìpín nínú ìwé 7, tí a sì pè ní ẹkùn nínú ìwé 1, ni a ó máa pè ní agbègbè. Ìpele kejì, ìyẹn nínà páìpù ńlá, ni a sún di ọdún tí ń bọ̀. Agbègbè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ó kàn. Kò sí agbègbè tí a yọ.» A kò kọ àtúnṣe kankan sínú àwọn ìwé àtijọ́ fúnra wọn, nítorí pé bébà wọn ti wà nílé àwọn èèyàn, ìwé méjì tó ní nọ́ńbà kan náà tí ọ̀rọ̀ wọn yàtọ̀ yóò tún dá ìjà sílẹ̀. A tún lọ bá Ààfáà àti pásítọ̀ nílé, nítorí pé àwọn náà máa ń fi ọ̀rọ̀ tiwọn rọ́pò tiwa bí wọ́n bá ń kà á. A bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n túbọ̀ ṣàlàyé bó ṣe wù wọ́n, ṣùgbọ́n kí wọ́n fi orúkọ méjì yìí sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà. Owó bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé padà láti agbègbè kejì ní ọ̀sẹ̀ kejì.

Ohun tó ṣòro jù fún Bàbá Tíṣà, ó sọ ọ́ fún mi nígbà tó yá. Ó ti lo ọ̀pọ̀ ọdún láti kọ́ àwọn ọmọ pé kí wọ́n má pe ohun kan ní orúkọ kan náà lẹ́ẹ̀mẹta nínú àròkọ, pé ọlọ́rọ̀ ni Yorùbá, kí wọ́n ná an. Òtítọ́ ni, mo sì ń fi ṣe nínú àròkọ títí dòní. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń gba ìwé lóṣooṣù nípa iṣẹ́ kan kì í ka ẹwà èdè. Bí orúkọ tuntun bá dé, ó gbà pé ohun tuntun ló dé, ó sì máa ń ṣírò ohun tí yóò ná òun.

Ọ̀rọ̀ ogójì inú tábìlì àkọ́kọ́, a gé e kù sí mẹ́tàlélógún. Ohun tí a fi gé e ni pé kí a béèrè lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan: bí a bá yí orúkọ yìí padà, ṣé ẹnì kan lè san owó tí kò yẹ, kó gbẹ́ ibi tí kò yẹ, tàbí kó dúró de ọjọ́ tí kì í ṣe tirẹ̀? Bí ìdáhùn bá jẹ́ rárá, a yọ ọ́. Ẹni tó bá fẹ́ kọ ojú ọ̀nà tàbí òpópónà, kó kọ èyí tó bá wù ú. Tábìlì tó gùn jù, kì í sí ẹni tó ń ṣí i.

Tábìlì náà gbà wá lẹ́ẹ̀kan lórí ohun tó ju ọ̀rọ̀ owó lọ. Nínú ìwé kẹẹ̀ẹ́dógún, ẹnjiníà lo ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní kọmíṣọ́nì, tí gbogbo ènìyàn ní Nàìjíríà mọ̀ sí ọjọ́ tí gómìnà tàbí ọba bá wá gé rìbọ́n. Àbúrò wa túmọ̀ rẹ̀ pé: «A ó ṣí ẹ̀rọ omi láti ọjọ́ Ajé dé Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.» Bàbá Tíṣà ló yẹ̀ ẹ́ wò. Ó wo tábìlì, ó rí ìṣíṣí: ayẹyẹ ọjọ́ kan, lẹ́yìn tí gbogbo iṣẹ́ ti parí. Ó ní ayẹyẹ wo ló ń gba ọjọ́ mẹ́rin? Ó ní kí n pe ẹnjiníà.

Ẹnjiníà ní kì í ṣe ayẹyẹ rárá. Wọn yóò tan ẹ̀rọ, wọn yóò wo ibi tí páìpù ti ń jò, wọn yóò sì da kólórínì sínú páìpù, míligíráàmù 25 nínú lítà omi kan, yóò wà níbẹ̀ fún wákàtí 24 láti pa kòkòrò, kí wọ́n tó ṣàn án dànù. Ìlọ́po márùn-ún ohun tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fàyè gbà nínú omi mímu ni. Bí ìwé yẹn bá jáde bó ṣe wà, àwọn èèyàn ì bá gbé kẹ́ẹ̀gì wá sídìí ẹnu ẹ̀rọ ní ọjọ́ tí omi yẹn gan-an wà nínú páìpù. A kọ «ìdánwò ẹ̀rọ àti fífọ páìpù» sí i, a sì fi kún un pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe pọn omi náà tàbí kí ó mu ún, pé ọjọ́ ìṣíṣí ṣì ń bọ̀. Ohun méjì tí ẹnjiníà ń pè ní orúkọ kan di ìlà méjì nínú tábìlì wa. Ìdí nìyẹn tí mo fi sọ pé tábìlì tó bá ti ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ kò lè gbani: ì bá fi ìlà kan ṣoṣo síbẹ̀, ì bá sì bá wa mu délẹ̀délẹ̀ nínú àṣìṣe.

Ìwé tó gbẹ̀yìn jẹ́ ìkejìlélógún. Iṣẹ́ tó tún jọ ọ́ ti dé ọwọ́ wa láti ìgbà náà, mo sì kọ́kọ́ gba ètò iṣẹ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kí n tó túmọ̀ ìwé kìíní, láti wo ibi tí ohun méjì bá ti fẹ́ jọ ara wọn ní Yorùbá. Mo tún ń to gbogbo ìwé tó ti jáde sí ibi kan, nọ́ńbà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ní ọjọ́ tó jáde gan-an, kó má dúró lórí fóònù ẹnikẹ́ni.

Ìlà kan wà nínú tábìlì àtijọ́ yẹn tí a kò rí orúkọ fún títí iṣẹ́ fi parí. Agbára tí omi fi ń jáde lẹ́nu ẹ̀rọ ni. «Agbára» nìkan dàpọ̀ mọ́ ti iná tó ń yí ẹ̀rọ. «Ìfúnpá» ń mú àwọn èèyàn rántí ẹ̀jẹ̀ ríru. A fi àyè orúkọ sílẹ̀ lófìfo, a sì kọ gbólóhùn kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: bí omi ṣe ń fi tipátipá jáde. Láti ìwé kẹrìndínlógún dé òpin, gbólóhùn yẹn ni àwa mẹ́ta ń lò níbikíbi tí ọ̀rọ̀ bá ti dé ibẹ̀, láìyọ ọ̀rọ̀ kan kúrò, láìfi ọ̀rọ̀ kan kún un.